Fóònù Ń Dún, Màmá Ò Gbọ́: Bí A Ṣe Ń Tún Android Tò fún Òbí Tó Ti Dàgbà

Ẹ pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ń dún, wọn ò gbé e. Ẹ tún pè, bákan náà ni. Nígbà tí ẹ wá rí wọn bá sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, "Fóònù mi ò dún o." Ẹ̀yin gbọ́ ọ pé ó ń dún, àwọn náà sì mọ̀ pé àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ. Fóònù yẹn dún lóòótọ́, àmọ́ ohùn tó fi dún kì í ṣe èyí tí etí àgbàlagbà tètè máa ń gbọ́.

Ti ojú tún wà níbẹ̀. Òbí tí kò bá lè ka álẹ́ẹ̀tì báǹkì fúnra rẹ̀ á wá ẹni tó máa bá a kà á. Ó lè jẹ́ ọmọ aládùúgbò, ó lè jẹ́ oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ rí tó jókòó tì í nínú dáńfó. Ẹni yẹn á rí iye tó wà nínú àkáǹtì. Lọ́jọ́ tí báǹkì bá fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́, á rí ìyẹn náà. Lẹ́tà kékeré lè di owó tó sọnù.

Ẹ jẹ́ ká fi fóònù ẹnì kan ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n, Mọ̀mí Ìgàndó la máa ń pè wọ́n. Ọmọ ọdún 67 ni wọ́n, wọ́n ń ta èlùbọ́ àti gàrí lọ́jà Ìkòtún, inú báàgì owó tí wọ́n so mọ́ ìdí ni fóònù wọn sì máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Síìmù méjì ló wà nínú rẹ̀. Android 13 ló ń lò.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìpè tí wọn ò gbé

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ ṣí ibi tí fóònù ń kọ ìpè sí. Ìpè tí wọn ò gbé máa ń ní ọfà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ka èyí tó wọlé láàárín ọjọ́ méje, kí ẹ ka iye tí wọn ò gbé nínú rẹ̀, kí ẹ sì wo àkókò tó wọlé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nọ́ńbà yìí ló máa sọ fún yín bóyá iṣẹ́ yín já mọ́ nǹkan.

Ti Mọ̀mí Ìgàndó, ìpè mọ́kànlélógún ló wọlé, wọn ò gbé méjìlá nínú rẹ̀. Mẹ́wàá nínú méjìlá yẹn wọlé láàárín agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn ti sọ fún wa pé ọjà ni wàhálà wà. Nílé, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí `Settings`, ẹ wá `About phone`, kí ẹ wo `Android version`. Orúkọ àwọn nǹkan tí mo máa dá yìí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí èkejì. Bí ẹ ò bá rí ọ̀kan, àyè ìwákiri wà lókè `Settings`. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, bíi `font`, ó máa gbé e jáde.

Ojú: kí ló dé tí wọ́n fi ń na fóònù jìnnà?

Lẹ́ńsì kan wà nínú ojú wa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó rọ̀, ó lè tẹ̀ láti wo ohun tó sún mọ́ ojú gan-an. Bí ọdún ṣe ń lọ, ó ń le. Láti nǹkan bí ogójì ọdún lọ ni èèyàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Tó bá fi máa di ọgọ́ta ọdún, ojú tí kò lo gíláàsì lè má rí lẹ́tà kedere àfi tó bá jìnnà sí i dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń na ọwọ́.

Àmọ́ nína ọwọ́ ní ìyà tirẹ̀. Bí ìwọ̀n àlàfo bá di ìlọ́po méjì, lẹ́tà á dà bí ẹni pé ó kéré sí ìdajì. Ẹ̀yin ń ka fóònù yín ní nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Bí màmá bá nà án dé ọgọ́ta, lẹ́tà tiwọn gbọ́dọ̀ ga ní ìlọ́po méjì tiyín kó tó rí bákan náà lójú wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: gíláàsì ìkàwé ló ń mú kí lẹ́tà mọ́, lẹ́tà ńlá ló ń mú kó tóbi. Lẹ́tà ńlá kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ gíláàsì. Bí wọ́n bá ní gíláàsì, kó wà lójú wọn nígbà tí ẹ bá ń ṣe ètò yìí, àfi tí kì í bá í wà lójú wọn nígbà tí wọ́n bá ń lo fóònù.

Lórí Android 13, ẹ lọ sí `Settings`, `Display`, lẹ́yìn náà `Display size and text`. Ẹ máa rí ohun méjì tó jọra. `Font size` ń mú lẹ́tà nìkan tóbi. `Display size` ń mú gbogbo nǹkan tóbi: lẹ́tà, bọ́tìnnì, àwòrán, gbogbo rẹ̀. Nísàlẹ̀ wọn ni `Bold text` wà, tó ń mú kí lẹ́tà ki sí i. Láti Android 14 tó jáde ní 2023, lẹ́tà lè ga dé ìlọ́po méjì. Kó tó dìgbà yẹn, ìpín 130 nínú ọgọ́rùn-ún ni òpin rẹ̀ lórí fóònù Pixel ti Google. Nítorí náà, bí fóònù òbí yín bá ní àtúnṣe tó lè gbé e dé 14, ó tó ṣe fún ìdí yìí nìkan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fa méjèèjì dé òpin, wọ́n á ní ó parí. Mo fà á dé òpin lórí fóònù Mọ̀mí láti wo ibi tí wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀, mo sì ṣí áàpù báǹkì wọn. Ojú ibi tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ kún, bọ́tìnnì tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ gbẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú fóònù pátápátá, kíbọ́ọ̀dù sì bo àyè tí wọ́n ń kọ iye owó sí. Ẹni tí kò mọ̀ pé èèyàn lè fa ojú fóònù sókè á rò pé báǹkì ló bàjẹ́. Mo fi `Font size` sílẹ̀ ní òpin, mo sì ń dá `Display size` padà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìpele méjì ni mo dá padà kí bọ́tìnnì yẹn tó yọ. Ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi ojú `Settings` pinnu. Inú áàpù tí wọ́n ń lò gan-an ni kí ẹ ti wò ó.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ má béèrè pé, "Mọ̀mí, ṣé ẹ rí i?" Wọ́n máa ní àwọn rí i. Ẹ fún wọn ní álẹ́ẹ̀tì báǹkì, kí wọ́n ka nọ́ńbà inú rẹ̀ sókè. Ọ̀rọ̀ rọrùn láti fi ọgbọ́n orí mọ̀, torí èèyàn ti mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà kò ṣe é fi ọgbọ́n mọ̀. Ojú tí kò rí kedere máa ń pe 3 ní 8, á pe 6 ní 0. Ẹ̀yin náà ẹ ro ìyàtọ̀ tó wà láàárín ₦30,000 àti ₦80,000. Nígbà tí lẹ́tà Mọ̀mí ṣì wà ní ìwọ̀n tó bá fóònù wá, wọ́n ka álẹ́ẹ̀tì márùn-ún, wọ́n ṣi nọ́ńbà pè nínú méjì. Lẹ́yìn tí mo tún un ṣe, wọ́n ka márààrún pé.

Ẹ tún wo ìmọ́lẹ̀. Ojú àgbàlagbà kì í gba ìmọ́lẹ̀ wọlé bíi ti ọ̀dọ́, torí ihò dúdú àárín ojú ti kéré sí i, lẹ́ńsì náà kò sì mọ́ gaara mọ́. Ohun tí ẹ̀yin rò pé ó mọ́lẹ̀ tó lè ṣókùnkùn lójú wọn, pàápàá nínú oòrùn ọjà. Ẹ fa ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù sókè, kí ẹ sì gbé wọn jáde síta kí wọ́n tún nọ́ńbà yẹn kà.

Bí lẹ́tà bá ti tóbi tó yìí, tí wọ́n ṣì ń sọ pé ó dà bí ẹni pé èéfín bò ó, tàbí pé ojú kan ń rí i tí èkejì kò rí i, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti fóònù. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Etí: ariwo púpọ̀ kọ́ ni ìdáhùn

Nínú etí lọ́hùn-ún, iyàrá kékeré kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Àwọn irun tín-tìn-tín ló wà nínú rẹ̀, àwọn ló ń yí ohùn padà sí ohun tí ọpọlọ lè lóye. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń gbọ́ ohùn tó tín-ín-rín, tó ga, bíi fèrè ọlọ́pàá. Àwọn tó wà nínú lọ́hùn-ún ń gbọ́ ohùn tó wúwo, bí ìlù ńlá. Bí èèyàn ṣe ń dàgbà, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, irun yìí kì í sì í hù padà. Nítorí náà, àgbàlagbà lè máa gbọ́ ohùn yín dáadáa tí ẹ bá jọ jókòó, kó má sì gbọ́ fóònù tó ń dún bí ẹyẹ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

A máa ń fi hẹ́ẹ̀tì wọn bí ohùn ṣe ga tó, ìyẹn Hz. Etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáṣá lè gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz dé 20,000 Hz. Ti àgbàlagbà máa ń dínkù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí agogo iná ti rí èyí. Dorothy Bruck àti Ian Thomas ní Yunifásítì Victoria, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, fi ohùn oríṣiríṣi jí àwọn èèyàn tó ń sùn. Agogo iná tó wọ́pọ̀ nínú ilé ń dún ní nǹkan bí 3,100 Hz. Nígbà tí wọ́n fi wé ohùn 520 Hz tó ki, tó ní ohùn mìíràn nínú, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ló jí àwọn àgbàlagbà dáadáa jù. Lẹ́yìn náà, ìlànà agogo iná Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NFPA 72 sọ pé 520 Hz ni kí wọ́n lò nínú yàrá tí ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa ń sùn sí.

Ṣé ká wá yan ohùn tó wúwo jù lọ? Rárá o, torí ohun méjì. Èkíní, sípíkà fóònù kéré, kò lè gbé ohùn tó wúwo gan-an jáde. Ẹ fi orin tó ní ìlù ńlá dánwò, ẹ máa rí i pé ìlù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀. Èkejì ni jẹnẹrétọ̀. Ohùn jẹnẹrétọ̀ wúwo, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ́ńjìnnì dáńfó tó ń dúró lábẹ́ ọjà Ìkòtún. Ohùn tó bá wúwo bíi tiwọn máa rì sábẹ́ wọn. Nítorí náà, àárín ni ọ̀nà wà: kí ohùn náà ga ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ, kó má sì ga dé ibi tí etí wọn ti ń tán lọ. Láti nǹkan bí 500 Hz dé 1,500 Hz ló dáa jù.

Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti wọn èyí. Bí ríńgítóònù bá jọ fèrè, ẹyẹ, ago dígí tàbí agogo kékeré, ó ga jù. Èyí tó bá jọ dùùrù ní àárín, igi tí wọ́n ń lù, tàbí ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀, ó súnmọ́ ohun tí à ń wá. Kó máa dún, kó máa dákẹ́, kó tún dún. Ohùn tó ń gé báyìí máa ń fa etí ju èyí tó ń lọ tààrà.

Ohun kan tún wà tí a kì í rò: aṣọ. Aṣọ ń gbé ohùn tó tín-ín-rín mì ju èyí tó wúwo lọ. Fóònù tó wà nínú báàgì owó, tí ìró tún bò, ti pàdánù apá òkè ohùn rẹ̀ kó tó dé etí Mọ̀mí. Ìdí tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ nílé nìyẹn, torí orí tábìlì ló máa ń wà níbẹ̀.

Báyìí la ṣe dánwò. A tan jẹnẹrétọ̀, fóònù wà nínú báàgì nídìí wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo sì ń yí ríńgítóònù padà láìsọ fún wọn. Àwọn máa na ọwọ́ sókè tí wọ́n bá gbọ́. Mo rí i dájú pé fóònù kò ní gbọ̀n, kó má baà jẹ́ pé ara ló gbọ́ dípò etí. Èyí tó bá fóònù wá, tó ń dún bí agogo kékeré, wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré nínú ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Èkejì ni ohùn àbúrò mi ọkùnrin tí a gbà sílẹ̀, tó ń sọ pé, "Mọ̀mí, fóònù yín ń dún o!" lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Wọ́n gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀màrààrún. Ìwọ̀n ariwo kan náà ni mo fi méjèèjì sí.

Láti ṣe irú èyí, ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú áàpù tó ń gba ohùn lórí fóònù. Ẹ lọ sí `Settings`, `Sound & vibration`, `Phone ringtone`, kí ẹ wá `My Sounds` tàbí ibi tí ẹ ti lè mú fáìlì tiyín, kí ẹ sì yàn án. WhatsApp ní ríńgítóònù tirẹ̀ fún ìpè. Ẹ wọ `Settings` inú WhatsApp, `Notifications`, kí ẹ yí ti `Calls` padà níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpè WhatsApp á ṣì máa dún bíi ti àtijọ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gbé ohùn sókè. Ẹ ṣọ́ra níbí. Bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí nǹkan kan kò dún, ti orin àti fídíò ló sábà máa ń gbé sókè lórí Android òde òní. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́ dé òkè, á rò pé fóònù á dún sókè, ti ìpè á ṣì wà nísàlẹ̀. Inú `Sound & vibration` ni ẹ ti máa rí gbogbo wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó ní `Ring` nínú orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ fà dé òkè. Ti inú ìpè gan-an, ìyẹn ohùn ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ìgbà tí ìpè bá ń lọ lọ́wọ́ ni kí ẹ fi bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ gbé e sókè.

Bí fóònù bá wá dákẹ́ lójijì lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀kan ni `Do Not Disturb`, tí àmì rẹ̀ jẹ́ róbótó pẹ̀lú ìlà kan nínú. Èkejì ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tí ìka bá tẹ bọ́tìnnì ìtanná àti ti ìgbóhùnsókè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù á dákẹ́. Èèyàn tó kàn di fóònù mú ṣinṣin láti inú báàgì lè tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. `Prevent ringing` ni wọ́n ń pè é, inú `Settings`, `System`, `Gestures` ni ẹ ti máa pa á. Láti Android 14, ẹ tún lè tan `Flash notifications` nínú `Accessibility`, kí iná kámẹ́rà máa ṣẹ́jú tí ìpè bá wọlé. Ó wúlò nílé lálẹ́, àmọ́ kò lè ṣe nǹkan kan fún fóònù tó wà nínú báàgì.

Bí wọn ò bá wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yín yékéyéké nínú ilé tó dákẹ́, tàbí tí etí kan ń gbọ́ ju èkejì lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí lásán ló dí i, wọ́n á yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀nà àbùjá: ìtẹ̀ kan, ìpè kan

Kí òbí tó pe ọmọ rẹ̀, ó máa ń ṣí fóònù, á wá ibi ìpè, á wá orúkọ, á tẹ orúkọ, á tún tẹ nọ́ńbà. Ibi márùn-ún nìyẹn tí ìka lè ti ṣìnà. Ẹ lè sọ ọ́ di ìtẹ̀ kan.

Ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò sí orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú `Contacts`, fọ́tò ojú nìkan, tó sún mọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àyè tó ṣófo lójú fóònù mọ́lẹ̀ títí ohun tuntun á fi yọ, ẹ yan `Widgets`, ẹ wá `Contacts`, kí ẹ mú `Direct dial`. Ó máa ní kí ẹ yan orúkọ. Fọ́tò ẹni yẹn á jókòó sójú fóònù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó pè. Fún Mọ̀mí, mẹ́rin péré ni mo gbé síbẹ̀: ọmọ wọn méjì, àbúrò wọn, àti ẹni tó ń kó ọjà fún wọn. Mo gbé gbogbo áàpù yòókù lọ sí ojú ewé kejì, àyàfi WhatsApp.

Ibí yìí ni síìmù méjì ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n tẹ fọ́tò, fóònù kò pè. Àpótí kékeré kan yọ, ó ń béèrè síìmù tí wọ́n fẹ́ fi pè. Mọ̀mí gbé e sétí, wọ́n ń dúró. Fóònù náà ń dúró dè wọ́n. Ẹ lọ sí `Settings`, `Network & internet`, `SIMs`. Níbi tó bá ti kan ìpè, tí `Ask every time` bá wà níbẹ̀, ẹ yí i sí síìmù tí wọ́n sábà máa ń fi káàdì sí. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí àwọn fúnra wọn tẹ fọ́tò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan.

Wíwo iye káàdì tó kù náà ṣe é sọ di ìtẹ̀ kan. Láti 2023, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà ń lò fún un:

```
*310#
```

Ẹ fi pamọ́ bí orúkọ èèyàn, kí ẹ pè é ní "Káàdì Mi", kí ẹ sì gbé e síta bíi ti àwọn ọmọ. Ẹ dán an wò kó tó dá yín lójú. Ẹ tún fi 767 àti 112 pamọ́, ìyẹn nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, àmọ́ ẹ má fi wọ́n sójú ewé àkọ́kọ́ tí ìka lè ti ṣèèṣì kàn wọ́n.

Ó ku ohun kan tó máa ń ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa gbọ́ pé, "Fọ́tò yẹn ti lọ o." Kò lọ fúnra rẹ̀. Ìka àgbàlagbà kì í tètè kúrò lójú fóònù. Android ń ka ìtẹ̀ tó bá ti tó nǹkan bí 0.4 ìṣẹ́jú àáyá sí pé èèyàn fẹ́ gbé nǹkan náà kúrò níbi tó wà. Ìka wọn á yẹ̀ díẹ̀, fọ́tò á bá a lọ. Ẹ lọ sí `Settings`, `Accessibility`, `Timing controls`, `Touch & hold delay`, kí ẹ yan `Long`. Ó máa di 1.5 ìṣẹ́jú àáyá. Lórí fóònù Samsung, `Easy mode` tó wà nínú `Display` ń ṣe èyí fún yín, ó sì ń mú àwòrán ojú fóònù tóbi lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje

Ẹ tún ka ìpè. Ti Mọ̀mí, ìpè méjìdínlógún ló wọlé, wọn ò gbé mẹ́rin. Mo bi wọ́n léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta nínú rẹ̀, fóònù wà níbi tí wọ́n ti ń bá wọn fi iná sí i, ní ìsọ̀ kejì. Kò sí ètò inú `Settings` tó lè tún ìyẹn ṣe. Bátìrì tí kì í pẹ́ tán ló ń gbé fóònù kúrò nídìí wọn. Nítorí náà, pawabáńkì ló kàn láti rà fún wọn. Ìkẹrin, wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ, oníbàárà ló wà níwájú àwọn.

Ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ tún padà yẹ gbogbo rẹ̀ wò: tí fóònù bá gba àtúnṣe Android tuntun, tí wọ́n bá pààrọ̀ síìmù, àti tí ọmọ ọmọ bá ti fi fóònù náà ṣeré. Ẹ fún wọn ní álẹ́ẹ̀tì kí wọ́n ka nọ́ńbà inú rẹ̀, ẹ pè wọ́n láti yàrá kejì nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì fi fọ́tò pe yín padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.